Márùn-ún Tí Kì í Ṣe Márùn-ún

Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Ìyá kan tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì ńlá tó gba Tchaourou kọjá lọ sí Párákú ló mú un wá bá mi. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ó fi ọ̀rá wé e kí òjò má bàa bà á jẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kà á ní èdè Faransé, ó sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un pé, "Wọ́n ní àwọn fi márùn-ún kún un." Ìyá náà kò bínú. Ó ní ẹni tó bá ń ná ọjà mọ̀ pé gbogbo nǹkan ló ń wọ́n. Ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ mi ni pé, "Ọmọ mi, márùn-ún sẹ́fà ni, àbí ẹgbẹ̀rún márùn-ún?"

Ilé-iṣẹ́ ásúráǹsì tó ń gbé lára owó ìtọ́jú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí ìyá náà wà ló kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ẹ̀dà kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Gbólóhùn méjì péré ló jẹ́ kókó inú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ní láti oṣù Jánúárì, tíkẹ́ẹ̀tì mọdẹratọ́ọ̀ yóò kúrò ní ìdá 20 nínú 100, yóò di ìdá 25. Èkejì ní fráńṣíìsì 5,000 sẹ́fà yóò wà lórí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìyókù jẹ́ ìkíni àti ìdúpẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò parọ́. Síbẹ̀, nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án kò ní lè sọ iye tí òun yóò kà sílẹ̀ níwájú akápò ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ Faransé méjì yẹn ni kí a kọ́kọ́ tú. Ohun tí wọ́n ń pè ní fráńṣíìsì ni owó tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ san kí ásúráǹsì tó da sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Èmi a máa pè é ní owó àkọ́san. Tíkẹ́ẹ̀tì mọdẹratọ́ọ̀ ni ìpín tó kan aláìsàn nínú iye tó bá kù, bí ìgbà tí ẹni méjì bá jọ gbé ẹrù, tí wọ́n ti fẹnu kò lórí apá tí oníkálukú yóò gbé. Owó àjọsan ni mo ń pe ìyẹn. Owó àkọ́san kì í yí padà, ì báà jẹ́ pé owó ọsibítù kéré tàbí ó pọ̀. Bí owó ọsibítù bá ṣe ń ga sí i ni owó àjọsan náà ń ga. Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí kò fi yẹ kí a da àyípadà méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan, torí kì í ṣe ibì kan náà ni wọ́n ti ń dun ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣu ṣàlàyé fún ìyá náà. Mo ní ìdá 20 nínú 100 túmọ̀ sí pé nínú iṣu márùn-ún, ẹyọ kan ni tiyín láti rù, ásúráǹsì yóò ru mẹ́rin. Ìdá 25 túmọ̀ sí pé nínú iṣu mẹ́rin, ẹyọ kan ni tiyín. Ó gbọ́ ìyẹn lójú ẹsẹ̀, ó sì mi orí, ó ní, "Ọ̀kan nínú márùn-ún di ọ̀kan nínú mẹ́rin, ìyẹn ti wúwo díẹ̀." Mo ní àkọ́san ńkọ́? Mo ní òun ni iṣu tí ẹ̀yin nìkan yóò ti kọ́kọ́ rù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ó wò mí, ó wo ìwé náà, ó ní kí n fi owó gidi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ọmọ kan tí ibà dá dùbúlẹ̀, tí wọ́n dá dúró ní ọsibítù. Ó lè jẹ́ ọsibítù Saint Martin tó wà ní Papané, ní agbègbè Tchaourou níbí, ó sì lè jẹ́ ibòmíràn. Èmi ni mo fúnra mi dá àwọn iye yìí sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ọsibítù kankan ń gbà. Owó àyẹ̀wò dókítà 2,000, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ 4,000, òògùn 14,000, ibùsùn àti ìtọ́jú 20,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40,000 sẹ́fà.

Ní ìlànà àtijọ́ kò sí àkọ́san, ìdá 20 nìkan ló kan ìyá. Ìdá 20 nínú 40,000 jẹ́ 8,000. Ní ìlànà tuntun, a ó kọ́kọ́ yọ 5,000 sílẹ̀, yóò ku 35,000. Ìdá 25 nínú 35,000 jẹ́ 8,750. Bí a bá pa á pọ̀ mọ́ 5,000, ó di 13,750. Owó tó ń jáde lápò ìyá kúrò ní 8,000, ó di 13,750, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Níbo ni "márùn-ún" tí ọmọ náà túmọ̀ wà nínú èyí? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá jẹ́ ká mú owó kékeré kan. Ká ní ikọ́ lásán ni, gbogbo owó náà kò ju 6,000 lọ. Tẹ́lẹ̀, ìyá yóò san 1,200. Nísinsìnyí, yóò san 5,000, yóò sì tún san ìdá 25 nínú 1,000 tó kù, ìyẹn 250. Ó di 5,250, ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí owó náà bá jẹ́ 4,500, kò sí ohun tí ásúráǹsì yóò san mọ́ rárá. Lódìkejì, ẹ wo iṣẹ́ abẹ tó gba 300,000. Tẹ́lẹ̀ ó jẹ́ 60,000, nísinsìnyí ó jẹ́ 5,000 pẹ̀lú ìdá 25 nínú 295,000, ìyẹn 73,750, àpapọ̀ 78,750. Owó náà pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi kún ti àtijọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Owó àkọ́san ló ń pa àwọn owó kéékèèké, owó àjọsan ló ń pa àwọn ńlá. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ṣàìsàn kéékèèké yóò rí ìyà gbólóhùn kejì lẹ́tà náà ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kò sì jẹ́ ìwà ìkà kí ásúráǹsì béèrè owó àkọ́san. Iṣẹ́ ìwé lórí owó 3,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ ìwé lórí 300,000. Ẹnìkan ní láti gba ìwé náà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sanwó. Bí owó kéékèèké bá pọ̀ jù, owó ọdún tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dá yóò gòkè. Ìdí kejì ni pé ohun tí èèyàn ò bá fi owó ara rẹ̀ sí, ó máa ń lò ó ní ìlòkulò. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwádìí RAND bẹ̀rẹ̀ sí í dán èyí wò ní 1974: wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn mìíràn máa san ìpín kan. Àwọn tó ń san ìpín kò lọ sọ́dọ̀ dókítà tó àwọn tó ń gba ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n nílò àti èyí tí wọn kò nílò ni wọ́n jọ ń fò dá, torí aláìsàn kì í ṣe dókítà, kò mọ èyí tó lè dúró. Mo máa ń rántí èyí tí mo bá rí ilé-iṣẹ́ tó fi àkọ́san sórí ìtọ́jú ọmọdé, torí ibà tí ìyá dúró dè fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí 5,000 lè padà wá di 40,000.

Ọ̀rọ̀ tó burú jù nínú lẹ́tà náà ni "ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan." Kí ni ìtọ́jú kan? Bí a bá ka gbogbo ọjọ́ tí ọmọ fi wà ní ọsibítù sí ìtọ́jú kan, a ti ṣírò rẹ̀, 13,750 ni. Ṣùgbọ́n bí akápò bá ka ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé owó sí ìtọ́jú tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ìtàn náà. Àyẹ̀wò dókítà 2,000 kò tó 5,000, ìyá ni yóò san gbogbo rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ 4,000, bákan náà. Òògùn 14,000: 5,000, pẹ̀lú ìdá 25 nínú 9,000, ó jẹ́ 7,250. Ibùsùn 20,000: 5,000, pẹ̀lú ìdá 25 nínú 15,000, ó jẹ́ 8,750. Ẹ pa á pọ̀, 22,000. Aláìsàn kan náà, ọsibítù kan náà, lẹ́tà kan náà, 8,250 sẹ́fà ni ìyàtọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í gba àkọ́san lórí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni tiwọn. Bí aláìsàn bá ti san 5,000 yẹn pé nínú ọdún, ó ti bọ́, àjọsan nìkan ló kù. Níbẹ̀ náà, ẹ béèrè bóyá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àbí ti ìdílé. Obìnrin tó ní ọmọ mẹ́rin, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, yóò san àkọ́san 40,000 bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbà á, 20,000 bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, 5,000 bí ó bá jẹ́ ti ìdílé lápapọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ lẹ́tà kì í rò pé ó yẹ ní sísọ, torí ó ti mọ́ wọn lára: èwo ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ? A ti yọ àkọ́san ṣáájú, ó fún wa ní 13,750. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ́kọ́ yọ àjọsan, ìpín tirẹ̀ nínú 40,000 jẹ́ 30,000, lẹ́yìn náà ni yóò yọ 5,000 kúrò lára 30,000 yẹn, yóò san 25,000. Ìyá yóò san 15,000. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 1,250, ìyẹn ìdá 25 nínú 5,000 gan-an, kò sì ní yàtọ̀ bó ti wù kí owó ọsibítù pọ̀ tó, bí ó bá ṣáà ti tó fún wọn láti yọ méjèèjì. Ẹni tó bá ti rí ìwé ìsanwó méjì lè fi èyí mọ ìlànà tí wọ́n ń lò, àní bí wọn kò bá tiẹ̀ sọ ọ́.

Àkọ́san pàápàá jẹ́ oríṣi méjì lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ásúráǹsì tó ń lo èdè Faransé. Èyí tí mo ti ń ṣírò bọ̀ ni èyí tí wọ́n máa ń yọ ní gbogbo ìgbà. Èkejì dà bí ẹnu ọ̀nà: bí owó rẹ kò bá dé ibẹ̀, o ò rí nǹkan kan gbà, bí ó bá kọjá ibẹ̀, wọn yóò ka gbogbo owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé àkọ́san kò sí. Ní ìlànà ẹlẹ́nu-ọ̀nà, owó 6,000 yẹn yóò já sí 1,500 fún ìyá, kì í ṣe 5,250. Èyí sàn fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀: ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ 4,800 yóò bẹ ẹni tó ń kọ ìwé òògùn pé kí ó fi páálí kan kún un. Ìdí nìyẹn tí oríṣi kìíní fi pọ̀ jù. Síbẹ̀, lẹ́tà tó bá kàn kọ "fráńṣíìsì" láì sọ oríṣi rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó ku iye tí wọ́n ń ṣírò lé. Ásúráǹsì àti ọsibítù sábà máa ń ní iye tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí. Ká ní iye àdéhùn fún ibà ọmọ yẹn jẹ́ 34,000, ṣùgbọ́n ọsibítù gba 40,000. Orí 34,000 ni ásúráǹsì yóò ti ṣírò: yóò yọ 5,000, yóò san ìdá 75 nínú 29,000, ìyẹn 21,750. Ìyókù 18,250 di ti ìyá, torí 6,000 tó lé lórí àdéhùn kò kan ásúráǹsì. Nígbà tí ìwé owó bá ga ju bí ẹ ti ṣírò lọ, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó fẹ̀sùn kan akápò.

Akápò náà sì yẹ lẹ́ni tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Níbi tí aláìsàn ti ń san ìpín tirẹ̀ nìkan lójú ẹsẹ̀, tí ọsibítù yóò gba ìyókù lọ́wọ́ ásúráǹsì, akápò ló ń lo ìlànà tuntun lójoojúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un, yóò máa gba ìdá 20 títí di oṣù Kẹrin, ásúráǹsì yóò kọ̀ láti san ìyàtọ̀ fún ọsibítù, ọsibítù yóò sì wá àwọn aláìsàn lọ sílé fún gbèsè tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ti rí i. Obìnrin kan gba ìwé gbèsè 1,900 sẹ́fà nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń sáré kiri. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ó bà á lọ́kàn jẹ́ débi pé kò san owó ọdún rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà náà gbọ́dọ̀ ṣe kedere. "Láti oṣù Jánúárì" kò tó. Ọmọ tí wọ́n dá dúró ní ọjọ́ 29 oṣù Dẹ̀sẹ́ńbà, tó jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Jánúárì, ìlànà wo ló wà fún un? Ẹni tó gba ìtọ́jú ní oṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ dé ọ́fíìsì ní oṣù Kejì ńkọ́? Ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ló tọ́ kí wọ́n lò, torí orí ìlànà ọjọ́ yẹn ni aláìsàn gbé ìpinnu rẹ̀ kà. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ni yóò pinnu, oníkálukú ló sì ní tirẹ̀.

Ìyá náà wá béèrè ohun tí n kò retí pé yóò béèrè. Ó ní, "Àwa kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ṣé lẹ́tà nìkan ló ń yí àdéhùn padà ni?" Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bìnì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin ásúráǹsì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin SÍMÀ. Ìlú Yaúńdé ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1992, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì, ọdún 1995. Abala keje rẹ̀ sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi kún àdéhùn tàbí tí wọ́n yí padà níbẹ̀, inú ìwé àfikún tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí ni yóò ti hàn. Avẹná ni wọ́n ń pe ìwé náà ní ọ́fíìsì. Lẹ́tà sí gbogbo oníbàárà kì í ṣe avẹná, ìròyìn nípa rẹ̀ ni. Abala kẹfà òfin kan náà sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ 15: bí oníbàárà bá fi lẹ́tà tó ní àkọsílẹ̀ bẹ ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n yí àdéhùn padà, tí ilé-iṣẹ́ kò sì kọ̀ láàárín ọjọ́ 15, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ti gbà, ṣùgbọ́n èyí kò kan ásúráǹsì ẹ̀mí. Àwọn kan máa ń yí ìyẹn po, wọ́n á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé bí oníbàárà bá dákẹ́, ó ti gbà. Ìdákẹ́ ilé-iṣẹ́ ni òfin náà ń sọ.

Ẹ má ṣe fi ìyẹn yọ̀ jù, ṣá. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ àyípadà fún lè dúró de ìgbà tí ọdún àdéhùn bá parí, kí ó sì ní òun kò tún un ṣe mọ́ àyàfi ní ìlànà tuntun. Nínú àdéhùn ẹgbẹ́ bíi ti ìyá yìí, alága ló ń fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ó yẹ kí ó gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ.

Mo bá a kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀ fún alága. Ṣé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí gbogbo ìgbà tí a bá dá èèyàn dúró, àbí ohun kọ̀ọ̀kan lórí ìwé owó? Ṣé ó kan ẹni tó wá gba òògùn tó sì padà sílé? Èwo ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ? Ọjọ́ wo ni wọn yóò wò, ọjọ́ ìtọ́jú àbí ọjọ́ tí ìwé dé? Mo ní kí alága má fọwọ́ sí avẹná títí ìdáhùn yóò fi wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà ni mo fi pẹ́ńsù kọ irú lẹ́tà tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà ti kọ, torí inú ń bí mi díẹ̀. Ó kúrú ju tiwọn lọ: "Láti ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì, bí wọ́n bá dá yín dúró ní ọsibítù, ẹ ó kọ́kọ́ san 5,000 sẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan péré títí ẹ ó fi jáde. Nínú iye tó kù, ẹ ó san ọ̀kan nínú mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú márùn-ún ni ẹ ń san, kò sì sí 5,000. Bí owó yín bá jẹ́ 40,000, 8,000 ni ẹ ń san tẹ́lẹ̀. 13,750 ni ẹ ó máa san báyìí. Ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé yóò san ti tẹ́lẹ̀." N kò lo ọ̀rọ̀ Faransé kankan nínú rẹ̀, n kò sì fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sí i.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àkọ́san wà fún àwọn tí wọ́n bá dá dúró nìkan, ẹ̀ẹ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, òun ni wọn yóò sì kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó gba ìtọ́jú tó sì padà sílé, ọ̀kan nínú mẹ́rin nìkan ló kàn án. Owó ikọ́ 6,000 yẹn wá di 1,500. Wọ́n kọ ọ́ sínú avẹná, alága sì fọwọ́ sí i.

Ìyá náà tún gbé lẹ́tà ògbólógbòó rẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀rá tó fi wé e. Ó ní kí n bá òun kọ 13,750 sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, kí òun lè fi han akápò.